Àwòrán Nkem Tó Dé Láìsí Ọ̀rọ̀ Kankan

Ìdákẹ́jẹ́ yáàdì wa ni mo kọ́kọ́ mọ̀ lára nígbà tí a padà sí Port Harcourt lọ́dún tí ogun parí. Kí ogun tó dé, yáàdì náà, tó wà ní Diobu lẹ́bàá títì tó lọ sí Rumuokwuta, kì í dákẹ́ àyàfi tí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù, tí kò sì sẹ́ni tó lè gbọ́ ohùn ẹnì kejì. Ikọ́ Mama Nnukwu, ìyá àgbà tó bí ìyàwó onílé wa, ló máa ń jí wa láàárọ̀. Lẹ́yìn náà la óò gbọ́ Emeka, ọmọ-ọmọ rẹ̀, tó ń súfèé bó ṣe ń fa omi, tí garawa ń gbá ara kàǹga gbàgà-gbàgà, tí ìyá rẹ̀ á sì máa pariwo láti inú ilé ìdáná pé kó má fọ́ garawa òun. Ọdún kan péré ni Emeka fi jù mí lọ. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń fi òkúta la èso igi fúrúùtù tó wà láàárín yáàdì, kí a lè jẹ ọmọ inú rẹ̀. Ọmọ Ìgbò ni wọ́n, àwa jẹ́ Yorùbá, Mama Ovunda tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn sì jẹ́ ará Ikwerre, onílẹ̀. Èdè Pidgin la fi ń bá ara wa jà, òun náà la fi ń parí ìjà.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, bàbá mi kó wa lọ sí Òṣogbo. Mo rántí pé ìyá Emeka di ẹ̀gúsí sínú ike fún wa, ó sì gbé àbúrò Emeka, Nkem, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di nǹkan mú rìn nígbà náà, pọ̀n sẹ́yìn, ó sìn wá dé ẹnu títì. Kò sẹ́ni tó rò pé yóò pẹ́. Ìgbà tí a fi padà, bàbá mi ti ríṣẹ́ rẹ̀ gbà padà ní èbúté ọkọ̀, yàrá méjèèjì tí a háyà ṣì wà bí a ṣe fi í sílẹ̀, àfi pé wọ́n ti kó gbogbo ohun inú rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n iwájú ilé, níbi tí onílé àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbé, akọ̀wé ìjọba kan ló wà níbẹ̀ báyìí. Ìjọba ló fún un. Wọ́n ní ilé tí àwọn tó ni ín sá fi sílẹ̀ ni. Ọkùnrin náà kò ṣe wá níkà. Kì í kàn sọ̀rọ̀ ni, rédíò rẹ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Mama Ovunda ló sọ fún wa lọ́jọ́ tí a dé pé Mama Nnukwu ti kú nígbà ogun, pé òun sin ín sẹ́yìn ilé ìdáná, níbi tí ìyá àgbà máa ń sá ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ sí. Ó sọ ọ́ ní kúkúrú, ó sì padà sídìí ìsáwùrù tó ń ṣà fún ọbẹ̀. Màmá mi kò bi í ní ìbéèrè kejì. Lọ́dún náà, bí èèyàn bá bi ẹlòmíràn ní ìbéèrè méjì, ẹkún ló máa ń tẹ̀lé e.

Ìrọ̀lẹ́ kan tí a ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun pẹ̀lú ẹja lójúde ni awakọ̀ lọ́rì kan wọ yáàdì. Iṣu ló ń kó láti ìhà Abá. Ó wo igi fúrúùtù, ó wo kàǹga, ó wá béèrè ẹni tó ń jẹ́ Mama Bọ́lá. Màmá mi dìde. Ọkùnrin náà yọ bébà kan tí wọ́n ká pẹlẹbẹ nínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ní, “Na Mama Nkem send am.” Màmá mi béèrè pé ta ni Mama Nkem. Awakọ̀ náà ní obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ni ilé yìí tẹ́lẹ̀, pé òun yóò tún kọjá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tí èsì bá wà kí wọ́n fún òun. Màmá mi béèrè bóyá ó rán an ní ọ̀rọ̀ ẹnu. Ó ní rárá o, bébà yẹn nìkan ni, obìnrin náà sì ní kó má bọ́ sómi.

Àwòrán ni. Ojú bébà tí wọ́n ti fi di nǹkan rí ni Nkem yà á sí, ẹ̀gbẹ́ kan ṣì ní àbàwọ́n epo. Kíréyọ́ọ̀nù àwọ̀ ewé àti pupa ló lò, tó kù jẹ́ èédú. Igi ńlá kan wà láàárín, kàǹga wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú garawa, ilé kan ní ilẹ̀kùn méjì níwájú, ọgbà yí gbogbo rẹ̀ ká. Èèyàn kan jókòó lábẹ́ igi. Èèyàn kékeré kan dúró ti kàǹga. Ní ìta ọgbà, àwọn mẹ́ta dúró, ọkùnrin, obìnrin, àti ọmọ kan tí orí rẹ̀ tóbi ju ti gbogbo wọn lọ. Adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sì ń sáré kọjá nísàlẹ̀. Màmá mi yí bébà náà padà, ó yí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò sí lẹ́tà. Kò sí “ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta”. Kò sí orúkọ ẹni tó kọ ọ́.

Bàbá mi ní ó yé òun. Ó ní, “Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Ilé wọn ni wọ́n ń béèrè. Wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó wà nínú rẹ̀.” Ó ní kí màmá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà, kó sì pa ẹnu mọ́ nípa ilé, nítorí akọ̀wé tó wà níwájú kò gbọ́dọ̀ gbọ́ pé ayálégbé ń kọ ìwé sí onílé. Ẹ̀rù ń ba bàbá mi lọ́dún náà. Mi ò mọ̀ ọ́n sí ẹ̀rù nígbà náà. Mo rò pé inú rẹ̀ ló ń bí.

Tíṣà kíláàsì àwọn ọmọ kékeré ni màmá mi, kó tó di pé ogun ti ilé ìwé. Ó ti gba àwòrán lọ́wọ́ ọmọ tó ju bí mo ṣe lè mọ̀ lọ, ó sì ní ọ̀nà tirẹ̀. Kì í sọ pé “ó mà dára o” kó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní bí èèyàn ṣe ń lé ọmọ lọ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni kì í béèrè pé “kí lèyí?”, nítorí ọmọ tó bá gbọ́ ọ yóò rò pé ohun tí òun yà kò jọ nǹkan. Ohun tí ojú rẹ̀ bá rí gan-an ló máa ń sọ: mo rí i pé o tẹ àwọ̀ ewé yìí mọ́lẹ̀ gan-an, mo rí i pé ẹni yìí ga ju ilé lọ. Lẹ́yìn náà ni yóò ní, “Sọ fún mi nípa ẹni yìí.” Kì í fún ẹni tó wà nínú àwòrán lórúkọ. Ọmọ tó ya á ló ni orúkọ náà.

Nítorí náà, kó tó mú pẹ́ńsù, ó tẹ́ àwòrán yẹn sórí tábìlì, ó sì ń wò ó láàárín iṣẹ́ ilé. Ó bó iṣu, ó wò ó. Ó gbálẹ̀, ó padà wò ó. Mo bi í kí ló ń wá. Ó ní ohun tí ọmọ náà mú wá fúnra rẹ̀ àti ohun tí wọ́n fi sí i lẹ́nu lòun ń yà sọ́tọ̀. Ó ní kí n rò ó wò: ìgbà tí wọ́n sá kúrò níhìn-ín, Nkem kò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, báwo ló ṣe mọ̀ pé kàǹga wà lápá ìlà oòrùn igi? Báwo ló ṣe mọ̀ pé ilẹ̀kùn méjì ló wà níwájú? Ẹnì kan jókòó tì í, ẹnì kan ń sọ fún un pé fi kàǹga síbí, fi ẹni kan síbẹ̀. Adìẹ nìkan ni ọmọ náà dá mú wá. Orí ńlá yẹn náà, ara rẹ̀ ni. “Adìẹ ni mo máa fi dá ọmọ lóhùn,” ni màmá mi wí. “Ìyókù, ìyá rẹ̀ ló ń bá mi sọ̀rọ̀.”

Lójú tirẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹni tó jókòó lábẹ́ igi ni ìbéèrè náà. Mama Nnukwu ni. Ìyá Emeka fẹ́ mọ̀ bóyá ìyá òun ṣì wà láàyè, kò sì lè kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí bí èèyàn bá kọ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ẹnì kan máa kọ èsì rẹ̀. Bí màmá mi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nìyẹn. Ó lo bébà méjì. Ọ̀kan fún Nkem, tí ìyá rẹ̀ yóò kà sí i létí, èkejì fún ìyá, tí awakọ̀ yóò fi lé e lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ kò bá sí nítòsí. Ó ní òun kò ní fi òkú sínú ìwé ọmọ. Bí ìyá bá ń ka ìwé sókè fún ọmọ rẹ̀ tó sì kan ibẹ̀, ojú ọmọ ni yóò ti gbọ́ ikú ìyá tirẹ̀, kò sì ní ráàyè ṣubú.

Ó ti parí méjèèjì. Ó ń ká wọn ni ọwọ́ rẹ̀ fi dúró. Ó tún fa àwòrán náà mọ́ra, ó gbé ìka lé ẹni kékeré tó dúró ti kàǹga. Bàbá mi tó ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ní Bọ́lá nìyẹn, ṣebí èmi ni mo máa ń wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Èmi náà ti rò bẹ́ẹ̀, inú mi sì ti dùn sí i.

Màmá mi ní, “Tó bá jẹ́ Bọ́lá, Emeka dà?”

Ó ka àwọn tó wà ní ìta ọgbà: ọkọ, aya, àti ọmọ olórí ńlá. Ó ní, “Àwọn tó wà lọ́dọ̀ wọn ni wọ́n yà sí ìta. Àwọn tí kò sí lọ́dọ̀ wọn ló wà nínú ọgbà.” Ó wá yíjú sí bàbá mi. “Bàbá Bọ́lá, kí là ń pe obìnrin yẹn nínú yáàdì yìí? Mama Emeka. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, Mama Emeka ni. Kí ló dé tí awakọ̀ yẹn fi pè é ní Mama Nkem?”

Bàbá mi fi bàtà sílẹ̀, ó wá jókòó. A kì í fi orúkọ àbígbẹ̀yìn pe ìyá nígbà tí àkọ́bí wà láàyè lójú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ tiwọn náà nìyẹn. Ìbéèrè náà ti ẹnu awakọ̀ jáde ní ẹnu ọ̀nà wa, a kò gbọ́ ọ.

Màmá mi ya èyí tó kọ sí ìyá. Ti ọmọ nìkan ló fi sílẹ̀. Ó dìde, ó lọ bá Mama Ovunda ní yàrá ẹ̀yìn, èmi sì tẹ̀lé e. Ó béèrè bóyá Emeka padà wá síbí nígbà ogun. Mama Ovunda kọ́kọ́ gbé ìkòkò sọ̀ kalẹ̀ kúrò lórí iná. Ó ní, “Di pikin kom back.” Ọmọ náà padà wá.

Bó ṣe rò ó fún wa nìyí. Ìlú ń dàrú lọ́jọ́ tí gbogbo èèyàn ń sá, ọ̀pọ̀ èèyàn ló wà lójú títì, Emeka sì sọ àwọn òbí rẹ̀ nù láàárín èrò. Kò mọ ibòmíràn, ó yíjú padà sílé. Ó bá ìyá àgbà níbi tí wọ́n fi í sí pẹ̀lú omi àti gààrí, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e, ó sì ti kọ̀ kí wọ́n gbé òun. Nígbà tí àwọn sójà wọlé, Mama Ovunda sọ pé ọmọ òun ni. Ó ti kọ́ ọ ní ìkíni Ikwerre díẹ̀, ó sì ní bí wọ́n bá bi í ní nǹkan mìíràn kó máa wúkọ́. Emeka ń pọn omi, ó ń wẹ ìyá àgbà, ó ń wá ewé àti ìsáwùrù kiri. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ìyá àgbà kú. Òun àti Mama Ovunda ló gbẹ́ ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní òun ń lọ wá ìyá òun. Mama Ovunda bẹ̀ ẹ́. Kò gbọ́. Ó ní ẹnì kan sọ fún òun pé àwọn apẹja kan ní Abuloma ń gba inú omi gbé èèyàn kọjá. Mama Ovunda fọwọ́ nu ojú, ó ní òun kò sọ ọ́ fún wa lọ́jọ́ tí a dé nítorí a kò béèrè, àti pé òun rò pé ọmọ náà ti dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, màmá mi àti Mama Ovunda lọ sí Abuloma. Wọn kò mú mi lọ. Ohun tí màmá mi sọ nígbà tó dé ni pé àwọn rí obìnrin kan tó ń yan ẹja létí omi, tó rántí ọmọkùnrin kan tó mọ bí a ṣe ń súfèé dáadáa. Ó gbé ọ̀dọ̀ wọn fún ìgbà díẹ̀, ó ń bá wọn tún àwọ̀n ṣe. Ní òwúrọ̀ kan ó wọ ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú àwọn kan tó ń lọ sókè odò. Ẹni tó ń tu ọkọ̀ náà jẹ́ ọkọ obìnrin yìí fúnra rẹ̀. Òun náà kò tíì padà. Màmá mi ní bí obìnrin náà ṣe ń sọ ọ́ lọ, ó ń yí ẹja rẹ̀ padà lórí iná, kò jẹ́ kí ọ̀kan jóná.

Ìwé tó kọ sí ìyá lẹ́yìn ìyẹn kò gùn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì tó rọrùn ló fi kọ ọ́, èyí tí àwọn méjèèjì mọ̀, ó sì kà á fún bàbá mi kó tó dì í, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbọ́. Ó ní òun rí àwòrán náà gbà, òun kò sì ní béèrè ìdí tí kò fi sí lẹ́tà pẹ̀lú rẹ̀. Ó ní òun kò mọ̀ bóyá ohun tí òun rò ló wà lọ́kàn rẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀ kó dárí ji òun. Ó fi ti Emeka ṣáájú, kí obìnrin náà má baà máa wá a láàárín ọ̀rọ̀: Emeka kò sí níbí, ṣùgbọ́n ó wá síbí. Lẹ́yìn náà ló rò ó bí wọ́n ṣe rò ó fún un, ó ya ohun tí Mama Ovunda fojú rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí obìnrin Abuloma sọ. Níbi tí kò mọ̀, ó kọ pé òun kò mọ̀. Kò kọ pé ó ti kú. Kò kọ pé Ọlọ́run yóò mú un padà. Ó sọ ti ìyá àgbà, ibi tí wọ́n sin ín sí, àti pé Emeka wà níbẹ̀. Nígbà tó kan ilé, bàbá mi ní kó fi ìyẹn sílẹ̀. Màmá mi ní, “Ṣé ẹnu ọ̀nà ló ti máa mọ̀ ni?” Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló wá sọ bí yóò ṣe kọ ọ́: pé ẹlòmíràn ló ń gbé iwájú, pé ìjọba ló fi í síbẹ̀, pé yàrá tiwa wà fún wọn láti sùn nígbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́ wá.

Ti Nkem, bí ó ti wà látìbẹ̀rẹ̀ ló lọ, ó ní kò sí ohun tó yẹ kí a yí nínú rẹ̀. Ó sọ fún un pé adìẹ rẹ̀ sáré débi pé òun rí ẹsẹ̀ kẹta, pé òun rí i pé ó tẹ orí igi mọ́lẹ̀ títí bébà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lu, pé igi náà ń wọ́ ewé báyìí, kàǹga sì ṣì ní omi. Ó bi í pé níbo ni adìẹ náà ń sáré lọ. Ó ní kí èmi náà ya nǹkan fún un, mo sì ya èso fúrúùtù tí wọ́n là sí méjì, nítorí mi ò mọ ohun tí mo tún lè yà tí kò ní dun ẹnikẹ́ni.

Kí òjò tó dá, ìyá Emeka wá. Lọ́rì iṣu yẹn náà ló gbé òun àti Nkem wá. Ó ti gbẹ débi pé ohùn rẹ̀ ni mo fi dá a mọ̀. Màmá mi pè é ní Mama Emeka ní ẹnu ọ̀nà, kò pè é ní orúkọ mìíràn títí ó fi lọ. Obìnrin náà kò wo iwájú ilé rárá. Ó jókòó ti Mama Ovunda lẹ́yìn ilé ìdáná, ó ní kó rò ó fún òun láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó béèrè ẹ̀wù tí Emeka wọ̀. Ó béèrè bóyá ó ń rí oúnjẹ jẹ. Ó béèrè bóyá inú ń bí i sí òun pé òun jẹ́ kó sọ nù. Mama Ovunda ní ọmọ náà máa ń wí pé ìyá òun yóò ti máa wá òun kiri, pé ìyẹn gan-an ló ń lé e jáde. Nígbà náà ni obìnrin náà bú sẹ́kún. Rédíò iwájú ilé wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí kò fi dún mọ́. Akọ̀wé náà kò jáde. Nkem wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi létí kàǹga. Ó sọ fún mi ní Pidgin pé adìẹ yẹn ń sá fún ọkọ̀ òfuurufú ni.

Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n lọ, bàbá mi, tó sìn wọ́n dé gáréèjì, bi màmá mi bóyá ìwé yẹn ṣe obìnrin náà ní ire kankan. Ó ní kí obìnrin náà tó gba ìwé náà, ó kéré tán, ó lè máa rò pé ọmọ òun wà lọ́dọ̀ wa. Àwa la gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Màmá mi ń ṣa ẹ̀wà.

Ó ní, “Mi ò wò ó sàn. Ó kàn béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ mi, mo sì fi ibi tí mo mọ̀ dé hàn án.”

A kò gbúròó Emeka mọ́. Mo ti dàgbà ju bí màmá mi ṣe wà nígbà náà lọ, Nkem náà ti ní ọmọ-ọmọ ní Abá. Àwọn ọmọ náà ń ya àwòrán, wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù láìkọ ọ̀rọ̀ kan sí i. Èmi a jókòó, màá wò ó dáadáa kí n tó fèsì, màá ka àwọn tó wà nínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.